Àkọlé bánà tí oníbàárà ṣì lè yí padà: lẹ́yà ọ̀rọ̀, sìmáàtì ọ́bújẹ́ẹ̀tì, àbí kí a rásítà á?

Akọ̀wé Ajílóṣùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Bánà ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 ni mò ń ṣe nínú Fótóṣọ́ọ̀pù fún ìwúyè kan níbí l'Ádó. Àkọlé rẹ̀ ni AYẸYẸ ÌWÚYÈ. Wọ́n fẹ́ kó dán bíi góòlù, wọ́n sì fẹ́ kó tẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀nà tó ń lọ sí ààfin: ìsàlẹ̀ fẹ̀, òkè sún kì. Fọ́ǹtì tí wọ́n yàn rẹwà, àmọ́ kò ní Ẹ. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn ló ń jáde.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé mo máa rásítà ọ̀rọ̀ náà kó di àwòrán lásán, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì to àmì sí abẹ́ E, kí n wá fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹbí ò tíì fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọjọ́ ìbí Bàbá kún un. Bí wọ́n bá yí i padà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Èwo ni kí n lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Dẹ̀ẹ́ Ìkẹ́rẹ́
Sìmáàtì ni. Tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí lẹ́yà náà, yan Convert to Smart Object, ó parí. Bí o bá ti sọ ọ́ di sìmáàtì, o lè fà á dé ibi tó wù ọ́, kò ní ṣú láé. Gbogbo lẹ́yà tó bá ti wà nínú iṣẹ́ ni kí o sọ di sìmáàtì kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọmọ Ìkọ̀lé
Ẹ jọ̀ọ́, nínú PixelLab orí fóònù mi, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ Smart Object sí o. Ṣé èèyàn gbọ́dọ̀ sanwó kó tó yọ ni?

Bàbá Fọ́ǹtì
Ọmọ Ìkọ̀lé, kò sí níbẹ̀, owó kọ́. Fótóṣọ́ọ̀pù orí kọ̀ǹpútà ni Akọ̀wé ń béèrè. Níbi tìrẹ, má ṣáà pa fáìlì iṣẹ́ rẹ rẹ́ lẹ́yìn tí o bá ti gbé àwòrán jáde. Inú fáìlì yẹn ni ọ̀rọ̀ ṣì ti jẹ́ ọ̀rọ̀.

Akọ̀wé, nǹkan mẹ́ta lo fẹ́ fi àkọlé yìí ṣe, o sì ń wá ìdáhùn kan ṣoṣo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Jẹ́ ká tú wọn ká, wàá rí i pé kò sí èyí tó béèrè rásítà nínú wọn.

Góòlù kọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ṣì ń gba Layer Style: Gradient Overlay, Bevel & Emboss, òjìji, ìlà etí, gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán góòlù gidi lo fẹ́ kó hàn nínú lẹ́tà, gbé àwòrán náà lé orí lẹ́yà ọ̀rọ̀, kí o tẹ Ctrl+Alt+G. Inú lẹ́tà nìkan ni yóò ti hàn. O lè fi másìkì bo apá kan ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú, o ṣì lè tún un kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rásítà nítorí góòlù lásán, mi ò rí ìdí kankan fún un.

Àmì abẹ́ lẹ́tà ṣìkejì. Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì nìyẹn, inú lẹ́yà ọ̀rọ̀ ló sì yẹ ká ti yanjú ẹ̀. Bí o bá fi búrọ́ọ̀ṣì to àmì, o ti di àmì yẹn mọ́ lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lónìí. Lọ́la tí lẹ́tà bá ṣípò, àmì ò ní bá a lọ.

Fífà á tẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀nà ṣìkẹta. Ibí yìí nìkan ni lẹ́yà ọ̀rọ̀ ti kọ̀ fún ọ lóòótọ́. Lọ sí Edit > Transform, wàá rí i pé Distort àti Perspective ti ṣú, wọn ò ṣeé tẹ̀. Ọ̀rọ̀ lè tóbi, ó lè kéré, ó lè yí, ó lè dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ kò lè sún kì lókè kó fẹ̀ nísàlẹ̀. Sìmáàtì gbà á. Bákan náà ni fíltà: bí o bá mú Gaussian Blur lórí lẹ́yà ọ̀rọ̀, Fótóṣọ́ọ̀pù yóò bi ọ́ bóyá kó rásítà á tàbí kó sọ ọ́ di sìmáàtì. Má fi ìkánjú tẹ Rasterize níbẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń kú.

Nítorí náà, tún ọ̀rọ̀ àti àmì rẹ̀ ṣe pátá nínú lẹ́yà ọ̀rọ̀, kó o tó kó o sínú sìmáàtì. Òde sìmáàtì ni kí o ti fà á, ibẹ̀ náà ni kí o ti kun ún ní góòlù.

Akọ̀wé Ajílóṣùn
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àmì yẹn ló kù tí kò tíì yé mi. Bí fọ́ǹtì ò bá ní Ẹ, ọgbọ́n wo ni mo fẹ́ dá nínú lẹ́yà ọ̀rọ̀?

Bàbá Fọ́ǹtì
Kọ́kọ́ dán fọ́ǹtì wò kí o tó fi han oníbàárà. Tẹ ìlà yìí sínú rẹ̀:

```
Ẹ ẹ Ẹ̀ ẹ́ Ọ ọ Ọ̀ ọ́ Ṣ ṣ ǹ
```

Ohun tí wàá rí níbẹ̀ ní ìdí. Fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe kó lè kọ èdè Vietnam sábà máa ń ní ẹ àti ọ, torí pé èdè náà ń lò wọ́n. Kì í lo ṣ, ìyẹn ni ṣ fi máa ń sọnù níbi tí ẹ àti ọ wà. Ní ti ẹ́ àti ọ̀, kọ̀ǹpútà ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún wọn: ẹ ni yóò kọ́kọ́ kọ, yóò wá gbé àmì ohùn lé e. Bí fọ́ǹtì ò bá mọ ibi tí àmì ohùn ń jókòó, yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó gun orí lẹ́tà. Noto Serif, Gentium àti Charis SIL kọ gbogbo ìlà yẹn láìsí wàhálà. Àwọn ni kí o fi kọ orúkọ àti ìsọfúnni kéékèèké.

Fún àkọlé tí wọ́n ti yan fọ́ǹtì rẹ̀, àmì ìdúró fọ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ ni kí o sọ di àmì abẹ́ lẹ́tà. Tẹ E, tẹ àmì ìdúró tẹ̀ lé e. Fi kọ́sọ̀ sáàárín méjèèjì, kí o di Alt mú, kí o máa tẹ ọfà òsì. Ogún-ogún ni yóò máa fi sún un sẹ́yìn. Bí o bá fi Ctrl kún Alt, ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún ni. Sún un títí àmì yóò fi bọ́ sí àárín abẹ́ E. Lẹ́yìn náà, fi kọ́sọ̀ sáàárín àmì ìdúró àti lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, kí o fi Alt àti ọfà ọ̀tún dá lẹ́tà yẹn padà sí àyè rẹ̀. Níkẹyìn, yan àmì ìdúró nìkan, lọ sí pánẹ́ẹ̀lì Character, kí o fi nọ́ńbà òdì sí baseline shift kó lè sọ̀kalẹ̀.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ká ní E fẹ̀ tó 600, àmì ìdúró sì jẹ́ 250 (a ka ìwọ̀n fọ́ǹtì sí 1000). Àárín E jẹ́ 300, torí náà àmì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 175. Láti 600 padà sí 175 jẹ́ -425. Níbẹ̀, àmì yóò parí sí 425, lẹ́tà tó kàn sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 600, o ó fi +175 dá a padà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá jẹ́ 500 pt, bẹ̀rẹ̀ baseline shift láti -110 pt, kí o wá fi ojú tún un ṣe. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyè àárín lẹ́tà ò yí padà, ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà tí kò ní àmì, fi sí abẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ pupa, kí o wò ó bóyá lẹ́tà méjèèjì bo ara wọn.

Ànfààní rẹ̀ ni pé àmì ti di ara ọ̀rọ̀. Bí o bá fi lẹ́tà kún un níwájú, gbogbo rẹ̀ yóò jọ rìn. Ẹ̀dà E àti àmì rẹ̀ sì ṣeé fi Ctrl+C gbé lọ síbòmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Ọ́ náà kò le: Ó wà nínú fọ́ǹtì tó pọ̀ jù lọ, àmì abẹ́ nìkan lo fẹ́ wá. Ohun tí kò ní bá ọ rìn ni baseline shift bí o bá yí ìwọ̀n ọ̀rọ̀ padà nínú Character. Pt ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í tẹ̀ lé ìwọ̀n lẹ́tà. Bí o bá sọ 500 di 250, sọ -110 náà di -55. Bí o bá pààrọ̀ fọ́ǹtì, tún gbogbo nọ́ńbà náà wò.

Màmá Ìwé-Ìpè
Ẹ jọ̀ọ́, mo ní tèmi. Káàdì orí tábìlì ọgbọ̀n ni mo ń ṣe, orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì tirẹ̀: Ìjerò, Ìdó, Ẹ̀fọ̀n, Ọ̀mùò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ ti Ìjerò di sìmáàtì, mo fi Ctrl+J dà á kọ. Nígbà tí mo wọ inú ìkejì tí mo kọ Ìdó, gbogbo wọn di Ìdó! Mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣàìsàn.

Bàbá Fọ́ǹtì
Ara kọ̀ǹpútà le, Màmá. Ctrl+J kì í ṣe sìmáàtì tuntun. Fèrèsé mìíràn ló ṣí sínú yàrá kan náà. Èyí tí ẹ ń fẹ́ ni kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí lẹ́yà, kí ẹ yan New Smart Object via Copy. Ìyẹn ló ń kọ́ yàrá tirẹ̀. Ẹ má gbàgbé èyí tó so pọ̀ náà o: bí lógò kan bá wà lórí káàdì ọgbọ̀n, Ctrl+J ni kí ẹ lò, kí ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan kó yí padà níbi gbogbo.

Àmọ́ fún orúkọ ìlú lásán tí ẹ ò fà tí ẹ ò sì fi fíltà sí, kí lẹ fẹ́ fi sìmáàtì ṣe? Ẹ jẹ́ kó wà ní lẹ́yà ọ̀rọ̀. Títẹ̀ kan ni, ẹ ti ń kọ ọ́.

Alátẹ̀wé Òkèyínmi
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ohun tí Dẹ̀ẹ́ Ìkẹ́rẹ́ sọ, torí ọ̀dọ̀ àwa tá à ń tẹ̀ ẹ́ ni àléébù rẹ̀ ti ń hàn. Kì í ṣe òótọ́ pé sìmáàtì kì í ṣú. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ Illustrator ni ẹ gbé sínú rẹ̀, òótọ́ ni, ó lè tóbi bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú Fótóṣọ́ọ̀pù lẹ sọ di sìmáàtì, inú rẹ̀ jẹ́ fáìlì kékeré kan tó ní iye píkísẹ́lì tirẹ̀, iye yẹn sì ni òde ń rí. Ká ní ó fẹ̀ tó píkísẹ́lì 1,000, tí ẹ wá fà á di 4,000. Píkísẹ́lì kan ti di mẹ́rìndínlógún, etí lẹ́tà á rọ̀ bí ìgbà tí omi kan ìwé. Lẹ́yà ọ̀rọ̀ tí ẹ ò tíì kó sínú nǹkan kan kì í ní ìṣòro yìí, torí pé ó ń tún ara rẹ̀ yà ní ìwọ̀n tuntun.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi mọ̀: ẹ yan sìmáàtì náà, ẹ tẹ Ctrl+T, ẹ wo W àti H lókè. Bí ó bá ti kọjá 100%, ẹ ń fa ohun tí kò tó. Ẹ tẹ Esc, ẹ má tẹ Enter.

Dẹ̀ẹ́ Ìkẹ́rẹ́
Mo gbà, ọ̀gá. Iṣẹ́ Illustrator ni mo sábà máa ń gbé sínú tèmi, ìyẹn ni ò jẹ́ kí n rí i. Èyí tó ti ṣú ńkọ́, ṣé ó ṣeé là?

Alátẹ̀wé Òkèyínmi
Ó ṣeé là bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Láti Fótóṣọ́ọ̀pù 2020 ni Convert to Layers ti wà, lábẹ́ Layer > Smart Objects. Yóò tú ọ̀rọ̀ jáde padà. Àmọ́ bí lẹ́yà inú rẹ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, fífà àti fíltà tí ẹ ṣe lóde yóò dànù, ẹ ó tún un ṣe. Sọ ọ̀rọ̀ di ńlá kí o tó tún un dì.

Bàbá Fọ́ǹtì
Akọ̀wé, gba iṣẹ́ tìrẹ ní ẹsẹẹsẹ báyìí.

Ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ ínṣì 96, 4 sì jẹ́ 48. Ní 72 ppi, bánà rẹ jẹ́ píkísẹ́lì 6,912 sí 3,456. Kọ AYẸYẸ ÌWÚYÈ ní 500 pt, yóò fẹ̀ tó nǹkan bíi 3,700. Ìwọ̀n tó tóbi jù tí wàá fi hàn lórí bánà ni kí o kọ ọ́ sí, má kọ ọ́ ní kékeré kó o máa retí àtifà. Fi í sí àárín nínú pánẹ́ẹ̀lì Paragraph, kí ọ̀rọ̀ tuntun lè máa fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì dọ́gba. Bí o bá fi í sí apá òsì, gbogbo ohun tó bá kún un yóò ti sọ́wọ́ ọ̀tún.

Báyìí, kó o tó sọ ọ́ di sìmáàtì, fa àpótí onígun mẹ́rin kan sí abẹ́ rẹ̀, àwọ̀ yòówù, 5,000 sí 1,500. Fi ọ̀rọ̀ sáàárín àpótí náà. Yan lẹ́yà méjèèjì pọ̀, Convert to Smart Object. Tẹ àwòrán kékeré ojú lẹ́yà náà lẹ́ẹ̀mejì, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .psb yóò ṣí. Pa ojú àpótí náà dé, Ctrl+S, pa á dé. Àpótí ò hàn mọ́, àmọ́ àyè tó gbà sílẹ̀ kò lọ. Àyè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Lóde, mú Edit > Transform > Perspective. Jẹ́ kí ìsàlẹ̀ wà bó ṣe wà, igun òkè ni kí o fà wọlé. Kí o wá fi Gradient Overlay àti Bevel sí orí sìmáàtì náà lóde. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà nínú, góòlù òde yóò tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé Ajílóṣùn
Ẹ kú ìsinmi o. Wọ́n ti yí i padà lóòótọ́! Ó ti di AYẸYẸ ÌWÚYÈ ÀTI ỌJỌ́ ÌBÍ. Mo wọ inú .psb, mo kọ ọ́ sí ìlà méjì, àmọ́ ìlà kejì ò hàn lóde, orí lẹ́tà díẹ̀ nìkan ló yọ. Mo gbàgbé àpótí yẹn, ọ̀rọ̀ nìkan ni mo dì.

Bàbá Fọ́ǹtì
Ìyẹn ni àpótí ń gbà là. Bí o bá di ọ̀rọ̀ nìkan, etí lẹ́tà gan-an ni ògiri yàrá. Ohunkóhun tó bá kọjá ibẹ̀ wà nínú fáìlì o, kò sọnù, àmọ́ òde ò lè rí i. Wọ inú .psb, mú Image > Reveal All, yàrá yóò fẹ̀ dé ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Tàbí kí o lo Image > Canvas Size, kí o fi 5,000 sí 1,500 tí mo sọ. Ctrl+S, padà sóde. Ṣùgbọ́n torí pé o ti fa Perspective sórí yàrá kékeré àtijọ́, yẹ bó ṣe tẹ́ wò dáadáa. Fún èmi, n ó padà sí ọ̀rọ̀, n ó fi àpótí dì í lákọ̀tun, n ó sì fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì fini lọ́kàn balẹ̀ bí wọ́n bá tún yí i padà lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun kan rèé nípa ìlà méjì. Àmì abẹ́ Ẹ ní ìlà kìíní ti sọ̀kalẹ̀ 110 pt, àmì ohùn orí Ọ́ àti Ì ní ìlà kejì sì ń gòkè bọ̀. Bí àyè àárín ìlà bá wà ní Auto, 600 pt ni fún ọ̀rọ̀ 500 pt, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn. Sọ ọ́ di 680 pt. Kí o sì gbé ọ̀rọ̀ náà sókè díẹ̀ nínú àpótí, torí pé ìlà kejì ń bọ́ sísàlẹ̀ ni, kì í pín àyè náà fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé Ajílóṣùn
Ó ti wọlé, ẹ̀gbọ́n! Lẹ́tà ń dán, àmì sì jókòó sí àyè wọn. Àmọ́ iná lọ kí n tó parí, nígbà tó dé, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo bá níbẹ̀. Mo sì tẹ Ctrl+S.

Alátẹ̀wé Òkèyínmi
Ti inú lo tẹ̀, o ò tẹ ti òde. Ctrl+S nínú .psb kàn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí bánà tó ṣí lórí kọ̀ǹpútà ni. Fáìlì .psb yẹn wà fún ìgbà díẹ̀ ni, inú PSD ńlá ni ilé rẹ̀ gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o máa tẹ̀ ẹ́: nínú, kí o padà sóde, kí o tún tẹ̀ ẹ́. Má sì lo Save As nínú rẹ̀, torí ibòmíràn ni yóò gbé e lọ, bánà ò ní gbọ́.

Tó o bá ti ń bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́, má gbé PSD wá. Bí fọ́ǹtì rẹ ò bá sí lórí kọ̀ǹpútà wa, àmì onígun mẹ́ta yóò yọ lára lẹ́yà ọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n, fọ́ǹtì mìíràn yóò gbà á. Gbogbo nọ́ńbà àmì tí Bàbá Fọ́ǹtì kọ́ ọ yóò dàrú. File > Save a Copy, yan TIFF, yọ Layers kúrò níbẹ̀, ìyẹn lo máa gbé wá. PSD tìrẹ ṣì wà nílé láìfara pa.

Dẹ̀ẹ́ Ìkẹ́rẹ́
Ọ̀gá, mi ò gba TIFF fún gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ìsàlẹ̀ bánà kéré. Bí o bá sọ wọ́n di píkísẹ́lì ní 72 ppi, wọ́n á rọ̀. Ẹ̀dà iṣẹ́ ni kí o ṣí, kí o mú Type > Convert to Shape lórí wọn, kí o wá gbé e jáde ní PDF. Etí wọn yóò mú, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè fọ́ǹtì lọ́wọ́ rẹ.

Alátẹ̀wé Òkèyínmi
Fún káàdì àti ìwé ìpè, mo fara mọ́ ọ. Fún bánà tí wọ́n ń dúró lókèèrè wò, mi ò rí ìyàtọ̀ rẹ̀, PDF sì máa ń pẹ́ kó tó ṣí lórí ẹ̀rọ wa.

Bàbá Fọ́ǹtì
Òótọ́ ni Dẹ̀ẹ́ sọ nípa ọ̀rọ̀ kéékèèké. Àmọ́ kí Akọ̀wé mọ̀ pé àkọlé inú sìmáàtì kò ní jàǹfààní kankan nínú PDF yẹn. Píkísẹ́lì ni yóò jáde gẹ́gẹ́ bí i, ìdí nìyí tí mo fi ní kó tóbi láti ilẹ̀. Lẹ́yà ọ̀rọ̀ tó wà lóde àti èyí tó ti di Shape nìkan ni etí wọn ń mú níbẹ̀.

Màmá Ìwé-Ìpè
Ṣé kò wá síbi tí rásítà ti dára rárá ni? Mo ń fẹ́ kí lẹ́tà dà bí èyí tó ti gbó, tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Búrọ́ọ̀ṣì ò wọlé sórí sìmáàtì, ó ní kò ṣeé kùn.

Bàbá Fọ́ǹtì
Fún ọ̀dà tó ń ṣí, másìkì ti tó, Màmá. Ẹ fi másìkì sí lẹ́yà náà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tó ní etí gbágungbàgun, kí ẹ fi àwọ̀ dúdú kun orí másìkì. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ fi funfun kùn ún padà. Bó bá jẹ́ àwọ̀ lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ ṣí lẹ́yà òfìfo lé e, Ctrl+Alt+G, kí ẹ kùn síbẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rásítà ni ibi tí mo bá fẹ́ fi Smudge fa ẹsẹ̀ lẹ́tà gùn bí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán, tàbí tí mo bá fẹ́ gé apá kan lẹ́tà kúrò kí n gbé e síbòmíràn. Kò sí másìkì tó ń ṣe ìyẹn. Kó tó di pé ẹ tẹ Layer > Rasterize > Type, ẹ fi Ctrl+J da lẹ́yà ọ̀rọ̀ náà kọ, ẹ pa ojú ti àkọ́kọ́ dé, kí ẹ fún un ní orúkọ tí ẹ lè dá mọ̀, bíi «ọ̀rọ̀ gidi, 500 pt». Ẹ̀dà ni kí ẹ fìyà jẹ. Bí orúkọ bá yí padà, iṣẹ́ Smudge yẹn yóò lọ, a ò lè sá fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa wá fọ́ǹtì, ìwọ̀n àti àmì kiri mọ́.

Ọmọ Ìkọ̀lé
Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ mi nínú PixelLab tí mo gbé e wá sí Fótóṣọ́ọ̀pù ní PNG, tí mo wá sọ ọ́ di sìmáàtì, ṣé màá lè tún un kọ?

Bàbá Fọ́ǹtì
O ò ní lè tún un kọ, àbúrò. PNG ti di àwòrán kó tó délé. Sìmáàtì yóò jẹ́ kí o lè sọ ọ́ di kékeré kí o sì dá a padà sí 100% láìfọ́, yóò sì gba fíltà tó ṣeé yọ. Bí o bá wọ inú rẹ̀, àwòrán ni wàá bá, o ò ní rí T lójú lẹ́yà. Orí kọ̀ǹpútà ni kí o ti tún ọ̀rọ̀ náà tẹ̀.